"Life" àti "nature" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì: ìgbà wo ni "the" ń wọlé?

Ìbéèrè: Kétu ni mo ti kàwé, Faransé ni wọ́n sì fi kọ́ wa. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ báyìí. Mo kọ "The life is hard" àti "I love the nature", olùkọ́ mi fagi lé "the" nínú méjèèjì. Àmọ́ nígbà tí mo kọ "the life of my grandmother", kò fọwọ́ kàn án. Ṣé kì í ṣe "life" kan náà ni? Báwo ni n ó ṣe máa dá a mọ̀ fúnra mi? Ẹ jọ̀ọ́.

Ìdáhùn: Olùkọ́ yín tọ̀nà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Life is hard" ń sọ nípa ìgbé ayé lápapọ̀, bí gbogbo ẹ̀dá ṣe ń bá a yí. Kò yọ ìgbé ayé ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, nítorí náà "the" kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. "The life of my grandmother" ń tọ́ka sí ìgbésí ayé ẹnì kan ṣoṣo, "the" sì ló ń sọ fún òǹkàwé pé èyí kan pàtó là ń wí.

Ibi tí àṣìṣe náà ti wá kò fara sin. Faransé máa ń fi "la" tàbí "le" síwájú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, yálà gbogbo ayé là ń bá wí tàbí ẹnì kan: "la vie est dure", "j'aime la nature". Ẹni tó bá ti fi Faransé kàwé láti kékeré yóò kàn mú "la" náà, yóò sọ ọ́ di "the". Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn ará Kúbà tí wọ́n ń sọ "la vida", àti àwọn ará Brasil tí wọ́n ń sọ "a vida". Ní ti àwa tí a dàgbà sí Nàìjíríà, òdìkejì ni tiwa. "Ayé le" ni à ń wí, kò sí nǹkan kan níwájú "ayé", torí náà "Life is hard" rọ̀ wá lọ́rùn. Ibi tí a ti ń kọsẹ̀ ni ibi tó ti yẹ kí "the" wà, tí a ó kàn kọ "Life of my grandmother was hard" láìfi í sí i.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni pé kí wọ́n bi ọ̀rọ̀ náà léèrè pé, "Èwo?" Bí gbólóhùn náà, tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, bá lè dáhùn, ẹ fi "the" sí i. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "èyíkéyìí" tàbí "gbogbo rẹ̀", ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo "Peace is better than war". Àlàáfíà wo? Àlàáfíà èyíkéyìí, kò sí "the". Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì: "The peace of 1886 did not send the soldiers home at once". Àlàáfíà wo? Èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé lé lórí lọ́dún 1886, tí àwọn ọmọ ogun ṣì wà ní ibùdó wọn lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1893. Ọ̀rọ̀ "peace" kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé a ti mọ èyí tí à ń sọ.

Ìbéèrè "Èwo?" yìí ṣiṣẹ́, àmọ́ ibì kan wà tó ti lè tan yín jẹ. Ẹnì kan lè sọ pé "life in Kétu" ti dáhùn "Èwo?", kó wá kọ "The life in Kétu is quiet". Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. "In Kétu" kàn sọ ibi tí ìgbé ayé náà ti ń lọ ni, Gẹ̀ẹ́sì ṣì kà á sí ọ̀rọ̀ gbogboogbò: "Life in Kétu is quiet". Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bá ṣáájú: "modern life", "family life", "human nature", kò sí "the" nínú ìkankan wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dín ìtumọ̀ náà kù. Ohun tó sábà máa ń fa "the" wọlé ni "of", àti gbólóhùn tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà láti ṣàlàyé rẹ̀: "the life I chose", "the life that they left behind". Ẹ fi "Yoruba history" àti "the history of the Yoruba" wéra. Ìtàn kan náà ni. Nígbà tí "Yoruba" wà níwájú, "the" kò wọlé. Nígbà tó bọ́ sẹ́yìn "of", ó wọlé. Bí ẹ bá mọ èyí dáadáa, ọ̀pọ̀ nínú ìṣòro náà ti yanjú.

"Nature" ní tirẹ̀ tún le díẹ̀, torí ìtumọ̀ méjì ló ní. Nígbà tó bá jẹ́ igbó, omi, ẹranko, àti gbogbo ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò dá, kì í gba "the" rárá: "I love nature", "These colours are found in nature". Nígbà tó bá jẹ́ bí nǹkan ṣe rí gan-an tàbí ìwà ẹnì kan, "of" sábà máa ń tẹ̀ lé e, "the" a sì wọlé: "the nature of the work". Nítorí náà, bí ẹ bá rí "the nature" tí "of" kò sí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fura sí i. Kò sì sí ọgbọ́n tí a lè fi ṣàlàyé ìdí tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ "protect nature" tó sì ń sọ "protect the environment". Ẹ kàn ní láti kọ́ "the environment" sórí bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú "the weather", "the past" àti "the future".

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìpínrọ̀ kékeré kan wò, irú èyí tí ẹni tó gbọ́ Faransé sábà máa ń kọ:

"The life in the village is quiet. My uncle respects the nature. The life of a farmer depends on rain, and the patience is important. The patience of my uncle surprises everybody."

"The" àkọ́kọ́ yóò lọ, torí "in the village" kàn sọ ibi tó wà. "The" tó wà níwájú "village" yóò dúró, torí abúlé kan pàtó ni. "The nature" yóò di "nature". "The life of a farmer" dára bó ṣe wà. Lóòótọ́, àgbẹ̀ yòówù ló ń sọ, kì í ṣe àgbẹ̀ kan tí a mọ̀, ṣùgbọ́n "of" ti pààlà sí "life": ti àgbẹ̀ ni, kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. "The patience is important" ń sọ nípa sùúrù lápapọ̀, ẹ yọ "the" kúrò. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kò ní àṣìṣe, sùúrù ẹnì kan ni. Síbẹ̀, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ yóò sábà sọ pé "My uncle's patience", nígbà yẹn "the" kò ní àyè mọ́, torí "my uncle's" ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un:

"Life in the village is quiet. My uncle respects nature. The life of a farmer depends on rain, and patience is important. My uncle's patience surprises everybody."