Ẹni tó dá a dúró kò tíì lọ: bí a ṣe ń ka oníbàárà tó padà

Nígbà tí FUTA bá wọ ìsinmi, àwọn ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó yí i ká ní Àkúrẹ́ á dá páropáro. Ẹni tó ń ta Wáì-fáì olóṣooṣù níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba irú ìpè kan náà: "Ẹ bá mi dá a dúró ná, mò ń lọ sílé." Bí kò bá sí ohun tó ń jẹ́ ìdádúró lọ́dọ̀ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà á fagi lé e pátápátá ni.

Ohun méjèèjì kò jọra rárá. Ẹni tó dá a dúró ṣì jẹ́ oníbàárà: káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀, iye tó ń san kò yí padà, ọjọ́ tó kù fún un sì wà nípamọ́. Ẹni tó fagi lé e ti gba àṣẹ tó fún yín lórí káàdì rẹ̀ padà. Bó bá fẹ́ wá, yóò forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun ni, ní iye tí ọjà bá wà lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tó kù yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan san ₦6,000 fún 30 ọjọ́ ní 1 Okúdù, tó sì dá a dúró nígbà tí 12 Okúdù parí. Ó ti lo ọjọ́ 12, ó ku 18. Bó bá padà ní 5 Ògún, ọjọ́ 18 yẹn yóò gbé e dé 22 Ògún, 23 Ògún sì ni owó tuntun tó yẹ kó jáde. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í ni pé wọ́n á ti iná Wáì-fáì rẹ̀ pa, ṣùgbọ́n wọn kò ní ti ọjọ́ ìsanwó síwájú. Owó á wá fò jáde ní káàdì rẹ̀ ní 1 Agẹmọ, nígbà tó ṣì wà nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Òǹdó. Inú bí i nìyẹn, ó fagi lé e. Láti mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ wá owó tó wọlé láàárín ọjọ́ tí ẹnì kan dá a dúró àti ọjọ́ tó padà. Kò yẹ kí ẹyọ kan wà níbẹ̀.

Ó wá ku kíka àwọn tó padà. Ẹ má ka ẹnikẹ́ni mọ́ wọn nítorí pé ọjọ́ ìdádúró rẹ̀ pé tí ẹ̀rọ sì tan iná rẹ̀ padà. Káàdì lè ti kú, ó sì lè má sówó nínú àkáǹtì. Owó tó wọlé ni ẹ̀rí. Ní Paystack tó ń gba owó káàdì fún yín, `charge.success` ni ẹ ó rí.

Nínú Excel tàbí Google Sheets, ìlà kan ni kí ẹ kọ fún ìdúró kọ̀ọ̀kan, kódà bí ẹnì kan náà bá dúró lẹ́ẹ̀mejì. Òpó A ni nọ́ńbà fóònù. B ni irú ìdúró, "D" fún ìdádúró, "F" fún ìfagilé. C ni ọjọ́ tó dúró. D ni ọjọ́ tó ní òun yóò padà. E ni ọjọ́ owó àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpadàbọ̀. F ni ti owó kejì. Ẹni tó bá padà kí ọjọ́ tó dá tó pé, ẹ fi ọjọ́ tó dé gan-an sí D.

```
=COUNTIFS(B:B,"D",D:D,"<="&TODAY(),E:E,">0")
=COUNTIFS(B:B,"D",D:D,"<="&TODAY())
```

Ẹ fi ìkejì pín àkọ́kọ́. Ká ní ènìyàn 28 ló dá a dúró, ọjọ́ ìpadàbọ̀ àwọn 20 nínú wọn ti pé, 15 sì ti sanwó: 15 nínú 20 ni, ìyẹn ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fi 28 pín in yóò rò pé nǹkan ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn mẹ́jọ ṣì wà nísinmi wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà tó ṣì ń lo ọjọ́ tó kù fún un kò tíì ní sanwó, nítorí náà ẹ dúró kí ọjọ́ yẹn tán kí ẹ tó ka iye yìí. Òpó F ló wá ń sọ ẹni tó jókòó. Bí 15 bá san owó àkọ́kọ́ tí 11 péré sì san ìkejì, ẹ pe àwọn mẹ́rin yẹn.

Àwọn tó fagi lé e nira díẹ̀ láti tọpa. Ní Paystack, ẹni tó fagi lé e ṣáájú ọjọ́ ìsanwó yóò wà ní `non-renewing` títí ọjọ́ náà yóò fi pé, kó tó di `cancelled`. Ọjọ́ tó tẹ bọ́tìnnì ni kí ẹ kọ sí C. Ẹni tó bá yí ọkàn padà láàárín àkókò yẹn kò lọ rí, ẹ má kà á mọ́ àwọn tó padà. Ẹni tó lọ pátápátá tó wá padà yóò ní nọ́ńbà `SUB_` tuntun, bó bá sì lo ímeèlì mìíràn, nọ́ńbà `CUS_` rẹ̀ náà yóò yí padà, á wá dà bí àlejò. Nítorí náà ni òpó A fi jẹ́ nọ́ńbà fóònù: kí ẹ tó kọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ bí oníbàárà tuntun, ẹ kọ́kọ́ wá nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀.