Pírńtà Kò Kú: Àdírẹ́sì Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Wá A Ló Ti Yí Padà

Bí pírńtà bá tan, tí iná Wáífáì ara rẹ̀ ń tàn, tí òun àti kọ̀ǹpútà sì jọ wà lórí ráútà kan náà, síbẹ̀ tí Windows kọ Offline sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé pírńtà ló bàjẹ́. Wọ́n á pa á, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á yọ dráífà kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún un fi síbẹ̀. Nígbà míì ó máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, torí pé bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ fi pírńtà sílẹ̀ lákọ̀tun, ó gbọ́dọ̀ tún un wá kàn. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n rò pé dráífà ló dàrú. Ṣùgbọ́n bí iná bá tún lọ, tó tún dé, Offline náà á tún padà wá.

Pírńtà kọ́ ló ń sọ pé òun wà ní Offline. Windows ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, nígbà tó bá béèrè pírńtà ní àdírẹ́sì tó mọ̀ ọ́n mọ́, tí pírńtà kò sì dáhùn níbẹ̀. Pé àwọn méjèèjì jọ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà kò tíì tó. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà IP tí pírńtà ń lò lónìí, ráútà ló sì ń pín nọ́ńbà náà. Ńṣe ló ń yá wọn lò fún ìgbà díẹ̀, ó lè gbà á, kó sì fún ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so pírńtà mọ́ Wáífáì, ráútà fún un ní 192.168.1.105, Windows sì kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ sínú pọ́ọ̀tù pírńtà náà, ìyẹn ibi tó ń kọ ọ̀nà tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ pírńtà sí. Lọ́jọ́ kan, NEPA mú iná lọ, ráútà àti pírńtà kú pọ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà olówó pọ́ọ́kú kì í rántí àwọn tó ti pín nọ́ńbà fún bí iná bá ti lọ lára wọn. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, fóònù oníbàárà kan ti dé ọ̀dọ̀ ráútà kí pírńtà tó jí tán, ó sì gba 105. Pírńtà wá gba 192.168.1.112. Kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀dọ̀ 105 ni kọ̀ǹpútà ṣì ń kàn sí, fóònù ló sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹnu pírńtà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ gbọ́ nọ́ńbà náà. Bó bá ní ojú ìwòran, ẹ wọ ibi tó kọ Network tàbí Wireless, kí ẹ ní kó tẹ Network Configuration Page jáde. Èyí tí kò ní ojú ìwòran sábà máa ń ní bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un, ìwé ìlò rẹ̀ máa sọ èyí tó jẹ́. Lórí ìwé tó bá jáde, ẹ wá IP Address tàbí IPv4 Address. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, tàbí tó jẹ́ 0.0.0.0, pírńtà kò rí àdírẹ́sì gbà lọ́wọ́ ráútà rárá nìyẹn, ẹ ní láti tún un so mọ́ Wáífáì. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹjọ́ kan pírńtà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á wá fẹ́ fi `ping`, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè bóyá ẹnì kan wà ní àdírẹ́sì kan, dán an wò. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó lè tan yín jẹ ní ọ̀nà méjì. Bí ẹ bá fi kàn sí 105 nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa yìí, fóònù yẹn lè dáhùn, ẹ ó sì rò pé pírńtà ló dáhùn. Èkejì ni pé bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, èsì tó máa jáde lè jẹ́ irú èyí:

```
Reply from 192.168.1.20: Destination host unreachable.
```

Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa. 192.168.1.20 ni kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀, òun ló ń sọ fún yín pé òun kò rí ẹni tí ẹ ní kí òun wá. Ìdánwò tó dára jù ni èyí, tí ẹ máa tẹ̀ sínú PowerShell:

```
Test-NetConnection 192.168.1.112 -Port 9100
```

9100 ni ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ pírńtà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń gba iṣẹ́, fóònù kì í sì í sábà ṣí i sílẹ̀. Bí ẹ bá rí `TcpTestSucceeded : True`, ara pírńtà le, ọ̀nà sì là. Bó bá jẹ́ False, tí nọ́ńbà náà sì tọ̀nà, ẹ wò ó bóyá Wáífáì àlejò ni kọ̀ǹpútà wà lórí rẹ̀. Ráútà kan náà lè ní Wáífáì ilé àti ti àlejò, kó má sì jẹ́ kí àwọn tó wà lórí méjèèjì ríra wọn.

Ó kù ká tún ohun tí Windows kọ sílẹ̀ kọ. Nínú Settings, ẹ lọ sí Printers & scanners, ẹ yan pírńtà náà, ẹ ṣí Printer properties, kí ẹ wá tẹ Ports. Pọ́ọ̀tù tó ní àmì níwájú ni èyí tó ń lò. Ẹ tẹ Configure Port, kí ẹ yí 105 padà sí 112. Bí orúkọ pọ́ọ̀tù náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WSD, kò sí ibi tí ẹ máa kọ nọ́ńbà sí. Ẹ tẹ Add Port, ẹ yan Standard TCP/IP Port, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú tuntun.

Nínú Configure Port yìí kan náà, ẹ máa rí SNMP Status Enabled. Òun ló sábà máa ń fa Offline nígbà tí nọ́ńbà tọ̀nà, tí 9100 sì dáhùn. Bó bá ní àmì, Windows á máa gba ọ̀nà mìíràn béèrè àlàáfíà pírńtà, bí pírńtà kò bá sì dáhùn lọ́nà yẹn, á kà á sí òkú. Ẹ yọ àmì náà kúrò. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni pé Windows lè má tètè sọ fún yín mọ́ pé ìwé ti tán.

Kí nọ́ńbà má bàa tún yí padà, ẹ fi pamọ́ fún pírńtà nínú ráútà. Ẹ tẹ `ipconfig` sínú PowerShell, ẹ wo Default Gateway tó jẹ́ nọ́ńbà ráútà fúnra rẹ̀, kí ẹ ṣí nọ́ńbà yẹn nínú bíráúsà. Lábẹ́ DHCP, ibi tí ráútà ti ń pín nọ́ńbà, ẹ wá Address Reservation tàbí Static Lease, ẹ kọ MAC Address, àmì ìdánimọ̀ pírńtà náà, tó wà lórí ìwé tí pírńtà tẹ̀, kí ẹ fi 192.168.1.112 sí i. Èyí dára ju kí ẹ fọwọ́ kọ nọ́ńbà sínú pírńtà lọ, torí pé bí ráútà kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, ó lè gbé nọ́ńbà kan náà fún fóònù ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó yí pọ́ọ̀tù padà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìlà iṣẹ́ tó ń dúró, kí ẹ fagi lé gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ti tẹ Print lẹ́ẹ̀mẹ́fà nígbà tí Offline wà níbẹ̀ máa rí i pé ẹ̀dà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa jáde bí ọ̀nà bá ti là.