Òrùlé Ń Jò, Ta Ni Yóò Sanwó? Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Ìpè sí Ìlàjà

Iṣẹ́ olùlàjà ni mò ń ṣe. Àwọn èèyàn máa ń gbé lẹ́tà wá fún mi pé kí n bá àwọn wò ó kí àwọn tó fi ránṣẹ́, àmọ́ ìwé ẹ̀sùn ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó kọ ọ́ á ti dá ẹjọ́ náà parí ní ìlà kejì, á wá ní kí ẹnì kejì wá jókòó. Kí ló kù tí onítọ̀hún fẹ́ wá sọ?

Èyí kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Obìnrin kan ló ni òkè, bàbá àgbàlagbà kan ló ni ìsàlẹ̀. Òrùlé ń jò, omi ti ba àjà òkè jẹ́, ó sì ti ń gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá bàbá. Kafíńtà gòkè lọ wò ó. Ó ní páànù ti dípẹtà káàkiri, igi tó wà lábẹ́ ibi tí táǹkì omi jókòó lé sì ti jẹrà. Obìnrin yìí ló gbé táǹkì síbẹ̀. Ìwé ilé sọ pé àwọn méjèèjì ló ni òrùlé, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa táǹkì.

Lẹ́tà tí bàbá kọ́kọ́ kọ kò gùn: “Táǹkì yín ló ba òrùlé jẹ́. Nígbà tí ẹ ti kọ̀ láti tún un ṣe, ẹ wá síbi ìlàjà lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́wàá, ká lè sọ iye tí ẹ máa san.” Obìnrin náà kò fèsì. Inú bí bàbá, ó ní ẹ ò rí i pé kò fẹ́ àlàáfíà. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin á lọ tí wọ́n bá kọ irú rẹ̀ sí yín?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dákẹ́.

A tún un kọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́, ìyáàfin. Òrùlé ilé wa ń jò, omi sì ti dé ọ̀dọ̀ àwa méjèèjì. Èrò wa kò tíì ṣọ̀kan lórí ohun tó fà á àti bí a ó ṣe pín owó àtúnṣe rẹ̀. Mo fẹ́ kí a jọ jókòó níwájú olùlàjà kan tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ohun mẹ́ta ló yẹ ká sọ: iṣẹ́ tí òrùlé nílò, ohun tó bà á jẹ́, àti iye tí oníkálukú máa san. Bí ohun mìíràn bá wà lọ́kàn yín, ẹ fi kún un.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ táǹkì, kò sí níbẹ̀ rárá. Kì í ṣe pé bàbá gbàgbé rẹ̀ o. “Ohun tó bà á jẹ́” ti kó táǹkì àti ọjọ́ orí páànù pọ̀, obìnrin náà sì lè ka gbólóhùn yẹn láìbínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá kò dá iye kankan lé e. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ẹ ṣe tán láti san ìdajì, ibi ìdajì yẹn ni ẹnì kejì máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà yín wálẹ̀. Orí ìjókòó ni kí ẹ fi iye sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ètò ló kù. A kọ orúkọ olùlàjà mẹ́ta, a ní kí obìnrin náà mú ọ̀kan, nítorí ẹni tí ẹnì kan dá yàn, lójú ẹnì kejì, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni. A kọ ọjọ́ mẹ́ta tó lè yan nínú wọn, a sì ní kó fèsì láàárín ọjọ́ 14. A sọ pé wọ́n á jọ san owó olùlàjà, ìdajì ìdajì, àti pé ẹni tó bá máa wá gbọ́dọ̀ lè sọ pé “mo gbà” lọ́jọ́ náà. Bí ẹlòmíì ló bá máa ṣojú yín, ẹ fún un ní ìwé àṣẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi gbogbo ọ̀sán sọ̀rọ̀ kí ó tó wá ní òun fẹ́ lọ béèrè nílé.

Gbólóhùn kan wà tí mi ò jẹ́ kó sọ nù nínú lẹ́tà bẹ́ẹ̀: pé wíwá tí wọ́n bá wá kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, àti pé kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i pé wọn ò ní gbé ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ lọ kọ́ọ̀tù. Ẹ bi lọ́yà yín léèrè nípa ọjọ́ tí òfin fún yín láti pẹjọ́. Ní ibi púpọ̀, kíkọ lẹ́tà ìlàjà nìkan kò dá ọjọ́ yẹn dúró. Tí ẹ bá sì ní ìwé adójútòfò lórí ilé, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn kankan, torí wọ́n lè ní àwọn ò ní sanwó ohun tí ẹ dá gbà láìsọ fún àwọn.

Òjò kì í sì dúró de ìpàdé. Bàbá ní kí wọ́n fi tapólì bo ibi tó ń jò, ṣùgbọ́n a ya fọ́tò páànù àti igi tó jẹrà kí wọ́n tó bò ó, a kó rìsíìtì pamọ́, a sì fi kún lẹ́tà pé iṣẹ́ ìdádúró lásán ni, kò yí ọ̀rọ̀ ẹni tó máa sanwó padà.

Obìnrin náà fèsì lọ́jọ́ kẹfà. Ohun tó fi kún un ni pé páànù tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló wu òun. Wọ́n jọ yan ẹnjiníà kan kó yẹ òrùlé wò ṣáájú ìpàdé, ìwé rẹ̀ ló sì là wọ́n. Ó ní ogbó ló ba páànù jẹ́. Igi náà ti ń gbó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìwúwo táǹkì àti omi tó ń kán lára páìpù rẹ̀ ló mú un yára jẹrà.

Ká ní ọ̀nà mẹ́wàá ni gbogbo owó náà. Páànù gba mẹ́fà, wọ́n pín in ní mẹ́ta mẹ́ta. Igi gba mẹ́ta, obìnrin náà san méjì, bàbá san ọ̀kan. Ọ̀kan tó kù ni àlékún owó tí páànù tó nípọn mú wá, ẹni tó wù ló san án. Bàbá tó ti ní òun ò ní san kọ́bọ̀ san mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Obìnrin náà san mẹ́fà, ó sì gbé táǹkì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, mo bi wọ́n ní ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo onílé: tí wọ́n bá ṣí páànù tí wọ́n bá ohun tí ẹnjiníà kò rí ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé igi tó bá jẹrà lábẹ́ táǹkì, méjì sí ọ̀kan ni wọ́n á pín in, èyí tó bá wà níbòmíràn, ìdajì ìdajì. Kafíńtà ṣí òrùlé, ó bá igi méjì tó ti jẹrà ní apá kejì ilé. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti kan páànù tán ni mo tó gbọ́.