Lẹ́yìn ìdánwò ẹlẹ́gbẹ́ fún iṣẹ́: kí lẹ fẹ́ kọ sí ilé iṣẹ́ náà?

Mo máa ń wà lára àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kó àwọn tó ń wáṣẹ́ bíi 6 jọ sínú họ́ọ̀lù kan ní Àkúrẹ́, tí wọ́n á ní kí wọ́n jọ yanjú ọ̀rọ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú 40. Bẹ́ ẹ ṣe ń wá ọ̀kadà ní Alágbàáká, àwa ṣì wà nínú ilé tá à ń to máàkì yín, tí èmi bá fún ẹ ní 4 tí ẹnì kejì fún ẹ ní 2, a máa yẹ ohun tá a kọ sílẹ̀ wò títí a ó fi fẹnu kò. Lọ́pọ̀ ìgbà, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà la ti ń parí ẹ̀, ìyẹn ni pé ímeèlì ọjọ́ kejì ò lè gbé máàkì sókè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ará Fútà, ṣe irú ìdánwò yìí, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n tún fún un ní lẹ́tà 12 kó tò ó bó ṣe ṣe pàtàkì sí, kó dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú 45, 8 péré ló ṣe. Nígbà tó délé ló bá ṣe 4 tó kù, ó fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo ní kó pa á rẹ́ jàre, torí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn tí àkókò ti pé, a ò lè fún un ní máàkì, àwọn tó kù ò rí irú àkókò yẹn.

Ohun tí mo ní kó ṣe ni kó kọ gbogbo bó ṣe lọ sínú ìwé kó tó sùn, ohun tó sọ, ibi tó ti há. Láàárọ̀, ó fi gbólóhùn 2 dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó pè é wá, ẹni yẹn nìkan, kò lọ máa wá nọ́ńbà Wáàsáàpù wa kiri o (àwọn kan máa ń ṣe é, ó ń bí wa nínú). Wọ́n ní àwọn á fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ìgbà tó kọjá ó fi ọjọ́ iṣẹ́ 3 kún un kó tó béèrè, ni wọ́n bá ní àwọn ò mú un.

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú dákẹ́, tàbí kí wọ́n béèrè pé "kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi mú mi?", èsì ẹ̀ ò ní ju "àwọn tó dáa pọ̀" lọ. Òun kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ àti iṣẹ́ lẹ́tà, èwo ni máàkì mi ti kéré jù, kí lẹ sì rí níbẹ̀?" Ilé iṣẹ́ míì ò ní fèsì rárá, ẹ má béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì béèrè máàkì ẹlòmíì. Àwọn yìí pè é. Lẹ́tà tó rò pé ó pa òun, ibẹ̀ gan-an ló ti yege, torí 8 tó ṣe yẹn ló ṣe kókó. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ló gbé e ṣubú: ó ní òun á máa wo aago fún wọn, kò wò ó mọ́, àkókò sì tán kí wọ́n tó fẹnu kò.

Ó ṣí ìwé ẹ̀ wò. "Èmi ni mo di aago mú" wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn ìyẹn kò tún kọ nǹkan kan nípa aago mọ́.