Bí Ìwé Ìṣirò Owó Ṣe Kúrò Lórí Pọ́n-ùn Bọ́ sí Náírà ní Ilẹ̀ Okun

Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ń ná ní ilẹ̀ Okun, bí wọ́n ti ń ná an ní ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ìṣirò yìí ló ṣì wà lẹ́nu àgbàlagbà tó bá pe 35,000 ní ẹgbàá mẹ́tàdínlógún ó lé ẹgbẹ̀rún, níbi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlógójì.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló mú ìwé ìṣirò owó olópòó mẹ́ta wá: òpó pọ́n-ùn, ti ṣílè àti ti kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè sì ni pọ́n-ùn kan. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀, £3-10-6 jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́ta, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí sísì. Nítorí pé òpó kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò sí ẹni tó ní láti fi òdo síwájú mẹ́fà náà.

Nígbà tí náírà dé ní 1/1/1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan sì di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Ibi tó ti díjú ni pé orúkọ kan náà, kọ́bọ̀, ni wọ́n fún owó tuntun tó kéré jù: sísì tó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà tẹ́lẹ̀ wá di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ tó jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ sì di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, èyí tí owó onídajì kọ́bọ̀ ìgbà náà wúlò fún.

Ẹ jẹ́ ká wo akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Kàbà tó fẹ́ gbé £3-10-6 yẹn sínú ìwé tuntun. Pọ́n-ùn mẹ́ta fún un ní náírà mẹ́fà, ṣílè mẹ́wàá fún un ní náírà kan, sísì sì fún un ní kọ́bọ̀ márùn-ún. Bí ó bá kọ ₦7.5 gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn, àádọ́ta kọ́bọ̀ ni ẹlòmíràn yóò kà níbẹ̀, nítorí pé ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ló wà nínú náírà kan, àyè méjì sì ni kọ́bọ̀ ń gbà lẹ́yìn àmì. ₦7.05 ni ó yẹ kó kọ. Bí ó bá sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pé náírà méje àti kọ́bọ̀ márùn-ún, ẹni tó ń yẹ ìwé wò yóò tètè rí i bí òdo bá sọnù.