Kí ló dé tí géèmù kọ́ìnì mi fi ń sú èèyàn, tó sì tún ń há?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ń ṣe géèmù kan, èèyàn á máa tẹ bọ́tìnnì kó rí kọ́ìnì, á wá fi ra ẹ̀rọ tó ń bá a pa kọ́ìnì fúnra ẹ̀. Nígbà tí mò ń fi kọ́ìnì 5 lé owó ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ra ọ̀kan, wọ́n ní ó ti rọrùn jù, ó sú àwọn. Mo wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n ní ó há. Èwo ni kí n wá ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, fi iye kọ́ìnì sílẹ̀ ná, àkókò ni kó o máa wò. Mú owó ẹ̀rọ tó kàn, pín in sí iye kọ́ìnì tó ń wọlé ní sẹ́kọ́ńdì kan, ohun tó bá jáde ni iye sẹ́kọ́ńdì tí ẹni yẹn máa fi dúró kó tó lè ra òmíì, ìyẹn gan-an ló ń mọ̀ lára, bóyá 20 lo kọ síbẹ̀ ni o tàbí 20,000.

Jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, àkọ́kọ́ jẹ́ kọ́ìnì 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú ààbọ̀ kọ́ìnì wá ní sẹ́kọ́ńdì. Tó o bá ń fi 5 lé e, ẹni tó ti ní ẹ̀rọ 20 á san 110, kọ́ìnì 10 ló ń wọlé fún un, nítorí náà á dúró fún sẹ́kọ́ńdì 11. Ẹni tó ní 50 á san 260, 25 ló ń wọlé, á dúró fún sẹ́kọ́ńdì 10 lé díẹ̀. Ẹni tó ní 100 ńkọ́? Sẹ́kọ́ńdì 10 lé díẹ̀ náà ni. Ṣó o rí i? Ó ń ra, ó ń ra, ojú kan náà ló ṣì wà, kò sí bí ò ṣe ní sú u.

Ti ìlọ́po méjì wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti ní ẹ̀rọ 5, á dúró fún ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀, ìyẹn ṣì dáa. Tó bá ní 8, ó ti di ìṣẹ́jú 10 lé ogójì sẹ́kọ́ńdì. Tó bá ní 10, òmíì á jẹ́ 10,240, kọ́ìnì 5 péré ló ń wọlé, ìyẹn ju ìṣẹ́jú 34 lọ, torí ẹ̀rọ kọkànlá! Èmi gan-an á ti pa géèmù yẹn dé.

Ohun tó o máa ṣe ni kó o máa fi ìdá 15 nínú 100 lé owó ẹ̀rọ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kó o sọ ọ́ di ìlọ́po 1.15. Géèmù Cookie Clicker tó jáde lọ́dún 2013, 1.15 yìí náà ni wọ́n fi ń gbé owó àwọn ilé inú ẹ̀ sókè. Fi sí ẹ̀rọ tiwa yẹn, wàá rí nǹkan tó dùn: ẹni tó ní ẹ̀rọ 1 á dúró fún sẹ́kọ́ńdì 23, ẹni tó ní 7 á dúró fún bíi 8 péré, ìyẹn ni pé ìdúró ń kúrú sí i níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Tó bá ní 20, sẹ́kọ́ńdì 16, ní 30 ó di 44, ní 40 ó ti lé ní ìṣẹ́jú méjì, ní 50 ó ti lé ní méje.

Ìdí ẹ̀ ò le. Ẹni tó ní ẹ̀rọ kan tó wá ra ìkejì, owó tó ń wọlé fún un di ìlọ́po méjì, àmọ́ ìdá 15 nìkan ni owó ẹ̀rọ fi gbówó lórí, nítorí náà òun ló ń jèrè. Tó bá ti ní 7, ọ̀kan sí i kàn fi nǹkan bí ìdá 14 kún owó tó ń wọlé, owó ẹ̀rọ sì ṣì ń fi 15 gòkè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé, láti ibẹ̀ lọ owó ẹ̀rọ á máa sá ṣíwájú. O lè yí 1.15 yẹn padà o: 1.07 á jẹ́ kó gba nǹkan bí ẹ̀rọ 10 kí owó tó di ìlọ́po méjì, ti 1.15 ò ju ẹ̀rọ 5 lọ.

Ìbéèrè: Tó bá wá ti ń gùn báyẹn, ìgbà wo ni kí ẹ̀rọ kejì yọjú, kí n sì pè é ní èló?

Ìdáhùn: Kó yọjú síbi tí ìdúró ti ń yí padà yẹn. Máa wo iye sẹ́kọ́ńdì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi máa dá owó ara ẹ̀ padà, ìyẹn owó ẹ̀ tó o pín sí ohun tí òun nìkan ń mú wá. Ká ní ẹ̀rọ kejì jẹ́ 200, ó ń mú kọ́ìnì 4 wá, sẹ́kọ́ńdì 50 ló máa fi dá owó ẹ̀ padà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ àkọ́kọ́ 6, òmíì á fi 46 dá tiẹ̀ padà, nítorí náà kékeré yẹn ló ṣì dáa jù. Ṣùgbọ́n tó bá ti ní 7, ó di 53, ńlá wá dáa jù ú lọ. Ẹni tó ti ń ra nǹkan ní sẹ́kọ́ńdì 8 sí 8 wá ní láti mú sùúrù fún sẹ́kọ́ńdì 57 kó tó rí 200 yẹn, tàbí kó máa ra kéékèèké lọ. Ibi tó ti ń rò ó yẹn ni adùn géèmù yìí wà, èmi ò ní jẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Tó o bá pè é ní 50, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ti kú lọ́jọ́ tí ìkejì yọjú. Tó o bá sì pè é ní 2,000, ó dìgbà tó bá ní nǹkan bíi 24 kó tó yẹ kó rà á, kó tó dìgbà yẹn á kàn máa wò ó lójú síkírìnì ni.

Ìbéèrè: Ọ́pùgíréèdì tó ń sọ iṣẹ́ ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, ṣé kò ní ba gbogbo ẹ̀ jẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í pẹ́ tó fi ń tán. Ẹni tó ní ẹ̀rọ 25 ń dúró fún sẹ́kọ́ńdì 26, ọ́pùgíréèdì yẹn á gé e sí 13. Inú ẹ̀ á dùn, á ra méje sí i, nígbà tó bá fi di 32 á ti padà sí 27. Nítorí náà fún un nígbà tí ìdúró bá ti ń mú kó fẹ́ dìde, àmọ́ má gbẹ́kẹ̀ lé òun nìkan.

Ìbéèrè: Mo ti kọ 1.15 síbẹ̀ báyìí, ẹ̀rọ mi tó jẹ́ 5 ò gòkè rárá. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyí:

```
price = Math.floor(price * 1.15);
```

Ìdáhùn: Háà, èyí ti ṣe mí rí, odindi ìrọ̀lẹ́ kan ló gbà lọ́wọ́ mi! 5 lọ́nà 1.15 jẹ́ 5.75, `Math.floor` á gé èyí tó ṣẹ́kù dànù, ó padà di 5, ní gbogbo ìgbà. Ohunkóhun tó bá bẹ̀rẹ̀ láti 6 wálẹ̀ ò ní kúrò lójú kan. Má fi owó tó o ti gé ṣírò owó míì, iye ẹ̀rọ tó ní ni kó o máa fi ṣe é:

```
price = Math.ceil(5 * Math.pow(1.15, owned));
```

Ó máa lọ 5, 6, 7, 8, 9. Nígbà tó o bá ń tọ́jú géèmù pa mọ́, `owned` nìkan ni kó o tọ́jú, má tọ́jú `price`, torí tó o bá yí 1.15 sí nǹkan míì lọ́la, owó ẹ̀rọ àwọn tó ti ń gbá a tẹ́lẹ̀ á tún ara ẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀.