"Ẹ̀bà kékeré kan": báwo la ṣe ń mọ bó ṣe tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá ń bi aláìsàn léèrè nípa oúnjẹ tó máa ń jẹ, wọn á ní "ẹ̀bà kékeré kan, ọbẹ̀ díẹ̀." Mi ò mọ ohun tí màá kọ sílẹ̀. Ṣé mo lè fi abọ́ àti ṣíbí inú ilé wọn mọ iye tí wọ́n ń jẹ gan-an?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má kọ "kékeré" sílẹ̀. Ẹni tí òkèlè rẹ̀ tóbi sábà máa ń bù ú kù tó bá ń sọ ọ́, ẹni tó ń jẹ díẹ̀ sì máa ń fi kún tirẹ̀. Wọn kì í mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Bí ojú ṣe máa ń rántí oúnjẹ nìyẹn. Ohun èlò tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lò ni kó gbé wá: kọ́ọ̀pù tó fi ń bu gàrí, abọ́ tó fi ń gbá ẹ̀bà jọ, àti ìpọnbẹ̀ rẹ̀.

Kọ́ọ̀pù gàrí ni kó o kọ́kọ́ mú, torí omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bà. Ẹ̀bà tó rọ̀ àti èyí tó le lè tóbi bákan náà nínú àwo, kí gàrí inú wọn má sì dọ́gba rárá. Gàrí ọ̀hún là ń wá.

Obìnrin kan tó ní àtọ̀gbẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi: ẹ̀bà kékeré kan lálaalẹ́. Mo gbé gàrí síwájú rẹ̀, mo ní kó bù ú bó ṣe máa ń bù ú nílé. Ó bù ú, ó gbọn kọ́ọ̀pù náà lẹ́ẹ̀mejì kó lè kì, ó tún bu díẹ̀ lé e lórí títí ó fi ga bí òkìtì. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, gíráàmù 150 ni. Mo fi ọ̀bẹ gé òkìtì náà kúrò, ó di 120. Ká ní mo kàn kọ "kọ́ọ̀pù kan" sílẹ̀ ni, ìdá márùn-ún ni mi ò bá pàdánù níbẹ̀.

Kọ́ọ̀pù mẹ́rin ló ń tẹ̀ fún gbogbo ilé, ìyẹn gíráàmù 600. Mo yá a ní òṣùwọ̀n lọ sílé. Gbogbo ẹ̀bà náà jẹ́ gíráàmù 1,800, tirẹ̀ tó fi abọ́ gbá jọ sì jẹ́ 450. Ìdá mẹ́rin gbogbo rẹ̀ nìyẹn, torí náà gàrí tó wọnú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 150, ó sì lé ní kàlórì 500 kó tó kan ọbẹ̀. Ohun tó ń pè ní kékeré nìyẹn, torí pé ẹ̀bà ọkọ rẹ̀ ló ń fi tirẹ̀ wé.

Ìbéèrè: Ọbẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Òun kì í dúró lójú kan.

Ìdáhùn: Omi ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Ní kó bu omi sínú ìpọnbẹ̀ títí dé ibi tí ọbẹ̀ máa ń dé, kó o wá dà á sínú fídà ọmọdé tó ní àmì ìwọ̀n. Ti obìnrin yìí gba mìlílítà 80. Ìpọn méjì ló ní òun ń bù. Mo ní, "Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, kí ló máa ń kù nínú abọ́?" Ó ní ìdajì. Ẹ̀bà tán, ọbẹ̀ kù. Ìpọn kan péré ló ń jẹ. Máa bèèrè àjẹkù ní gbogbo ìgbà. Mi ò rí ìbéèrè mìíràn tó ń tún àkọsílẹ̀ ọbẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹran àti ẹja, kà wọ́n lọ́tọ̀, má pò wọ́n mọ́ omi ọbẹ̀. Ti epo, inú ìkòkò lo ti máa bẹ̀rẹ̀: kọ́ọ̀pù epo tó ń dà sí i gba mìlílítà 180, ìkòkò náà sì ń jáde ní ìpọn 24. Mìlílítà 7 àbọ̀ ló kan ìpọn kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdajì ṣíbí ìjẹun. Àmọ́ ọbẹ̀ tí epo lé sókè lè tú ìṣirò yìí ká. Bi í bóyá ó máa ń ro ó pọ̀ kó tó bù ú, àbí òkè ló ti ń bù.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá jọ ń jẹ nínú àwo kan ńkọ́?

Ìdáhùn: Má fi iye èèyàn pín in. Ọmọ ọdún márùn-ún àti bàbá rẹ̀ kì í jẹ iye kan náà. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bu ti aláìsàn sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nínú abọ́ kan náà lójoojúmọ́. Tí wọn ò bá lè ṣe é, kọ iye tí gbogbo àwo náà jẹ́ àti àwọn tó jẹ ẹ́, kó o sì fi àmì sí i pé o kò rí tirẹ̀ wọ̀n.